Ìdí Tí Ìpè WhatsApp Fi Ń Gé Wẹ́wẹ́, àti Ohun Tí A Lè Ṣe Kí Détà Má Tètè Tán

Ọ̀rọ̀ fóònù ni a fẹ́ yẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí. Ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń gbé wá sí ọ́fíìsì wa. Wọ́n á ní, kí ló dé tí ohùn tí a gbà sílẹ̀ tí a sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp fi máa ń dé pérépéré, láìsí ọ̀rọ̀ kan tó sọnù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí a bá pe ẹni kan náà, pẹ̀lú fóònù kan náà, níbi kan náà, ọ̀rọ̀ á máa gé wẹ́wẹ́, àwòrán á dúró gbagidi, ìpè á sì já? Àwọn kan gbà pé fóònù àwọn ló bàjẹ́. Àwọn mìíràn a lọ ra détà kún èyí tó wà nílẹ̀, wọ́n rò pé détà tó kéré ló fa ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó ní 10 GB àti ẹni tó ní 100 MB, ojú ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń tọ̀. Détà púpọ̀ kì í mú kí ọ̀nà fẹ̀ sí i.

Kí a tó dé orí ohun tí a lè tẹ̀ lójú fóònù, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí ohùn ṣe ń rìn, nítorí ẹni tó bá mọ èyí kò ní máa tẹ nǹkan káàkiri láìnídìí.

BÍ OHÙN ṢE Ń RÌN

Ohùn yín kì í gba ojú íńtánẹ́ẹ̀tì kọjá bí odò tó ń ṣàn. Fóònù máa ń gé e sí ẹyọ kéékèèké ni. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn ìwọ̀n àkókò tí ènìyàn fi ń rọra pe "ení" kó tó kan "èjì", fóònù á ti gé ohùn yín sí ẹyọ tó tó 16, ó sì lè tó 50. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ẹyọ yìí ni yóò dá rin ìrìn àjò tirẹ̀: láti ọwọ́ yín dé òpó nẹ́tíwọ̀kì tó wà nítòsí, láti orí òpó dé ilé-iṣẹ́ fóònù, láti ibẹ̀ dé òpó tó wà lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ ń pè, kó tó wọ inú fóònù tirẹ̀, níbi tí a ó ti tò wọ́n pọ̀ padà kó di ohùn.

Ibi tí ìyàtọ̀ wà rèé. Nígbà tí ẹ bá fi ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ ránṣẹ́, ẹni tó ń gbà á ní àkókò láti ka ẹrù. Bí ẹyọ kan bá sọnù lójú ọ̀nà, fóònù á béèrè fún un, a ó sì tún un fi ránṣẹ́. Ó lè gba ìṣẹ́jú márùn-ún, ó lè gba wákàtí kan, ṣùgbọ́n kò ní sọ pé òun ti dé títí gbogbo ẹyọ yóò fi pé. Ìpè kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpè dà bí onílù gángan àti oníjó lójú agbo. Bí ìlù kan bá bọ́ sọnù, oníjó kò lè sọ fún onílù pé kó padà lù ú, nítorí ẹsẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Ẹyọ ohùn tó bá pẹ́ kó tó dé kò wúlò mọ́ fún ìpè, àfi kí fóònù jù ú nù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọnù rárá. Nítorí náà, nǹkan méjì ló ń gé ìpè: ẹyọ tó sọnù pátápátá, àti ẹyọ tó dé lẹ́yìn àkókò.

Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí mọ̀ pé ọ̀nà kì í dọ́gba, wọ́n sì dọ́gbọ́n sí i. Ẹ wo birikìlà tó ń mọ ògiri. Kì í dúró kí lébìrà gbé búlọ́ọ̀kù wá lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó mọ ọ́n, ó máa ń ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Bí lébìrà bá pẹ́ díẹ̀, iṣẹ́ kò dúró. Fóònù náà máa ń fi díẹ̀ lára ẹyọ ohùn pamọ́ fún ìwọ̀nba àkókò kúkúrú kó tó mú un jáde sí etí yín. Ṣùgbọ́n bí lébìrà bá pẹ́ jù, búlọ́ọ̀kù ẹ̀gbẹ́ birikìlà á tán, á sì dúró. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ẹ máa ń gbọ́ láàárín ìpè nìyẹn. Nígbà mìíràn, fóònù á gbìyànjú láti dí àlàfo náà. Yóò fa ohùn tó gbọ́ kẹ́yìn gùn, tí ohùn ẹni náà á fi dà bí ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú agolo. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, búlọ́ọ̀kù púpọ̀ á dé lẹ́ẹ̀kan náà, á sì sáré tò ó, ọ̀rọ̀ á máa yára bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ọ̀rọ̀ pípẹ́ yìí ní ìwọ̀n. Bí ohùn bá gba ìdá 150 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá láti ẹnu yín dé etí ẹnì kejì, ẹ kò ní mọ̀ pé ó pẹ́. Bó bá kọjá 400, ẹ ó máa sọ̀rọ̀ lu ara yín: ẹ ó rò pé ó ti dákẹ́, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ tiyín, nígbà náà ni tirẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dé. Bí èyí bá ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má pariwo, nítorí ariwo kò ṣí ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan sọ tirẹ̀ tán, kó sọ pé "mo ti parí", kí ẹnì kejì tó bẹ̀rẹ̀.

ÈDÈ WA ÀTI ÌPÈ TÓ Ń GÉ

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, nítorí ohun tí mo ti rí nínú iṣẹ́ yìí. Èdè Yorùbá máa ń fi sílébù kan ṣoṣo yí ìtumọ̀ padà. "Ẹ tà á" àti "Ẹ má tà á," ọ̀rọ̀ kékeré kan péré ló wà láàárín wọn. Sílébù bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ ju ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá lọ, ìwọ̀nba ẹyọ díẹ̀ ló sì gbé e. Bí wọ́n bá sọnù, ìyókù gbólóhùn á dé, á sì dùn-ún gbọ́, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé nǹkan kan ti bọ́ nínú rẹ̀. Ohùn tí fóònù fi ń dí àlàfo tún máa ń mú ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, bẹ́ẹ̀ ohùn yìí ni a fi ń mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀.

Bàbá kan ní ìletò wa pe ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn lálẹ́, ó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun ta àgbàdo òun fún oníbàárà tó ti dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ọmọ náà ti bèèrè iye owó ní ọjà, ó sì rí i pé ó ń gòkè. Ó ní, "Bàbá, ẹ má tíì tà á, ẹ jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ méjì sí i." Ohun tí bàbá gbọ́ ni, "Bàbá, ẹ... tà á, ẹ jẹ́ kó..." Ìpè sì já. Ó ta àpò 12 láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tí ọmọ pè padà, oníbàárà ti kó ẹrù lọ.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan owó, oògùn, ọjọ́, tàbí "má ṣe é", ẹni tó gbọ́ ni kó tún un sọ padà ní ọ̀nà mìíràn. Kó má sọ pé "ó dáa" nìkan. Kó sọ pé "Ṣé kí n fi í sílẹ̀ nílé fún ọ̀sẹ̀ méjì ni?" Lẹ́yìn ìpè, kí ẹni tó sọ ọ́ tún fi ohùn kúkúrú ránṣẹ́, tàbí kó kọ ọ́. Ohùn àti ìwé yóò dé pérépéré, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣàlàyé, bí wọ́n tilẹ̀ pẹ́.

TA NI Ọ̀NÀ TIRẸ̀ KÒ DÁRA?

Kí ẹ tó dá fóònù yín lẹ́bi, ẹ fi ohùn kúkúrú kan ránṣẹ́ sí ẹni náà, kí ẹ sì wo àmì kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí àmì aago, ohùn náà kò tíì kúrò lọ́wọ́ yín: ọ̀dọ̀ tiyín ni ìṣòro wà. Bí àmì kan ṣoṣo bá tètè hàn, a jẹ́ pé ọ̀dọ̀ yín dára. Bí àmì kejì bá pẹ́ kó tó hàn, ọ̀dọ̀ ẹnì kejì ni ẹ ti máa wá ìdí rẹ̀, ó lè jẹ́ pé nẹ́tíwọ̀kì tirẹ̀ kò lágbára, tàbí pé ó ti pa détà rẹ̀.

Ó tún máa ń ṣẹlẹ̀ pé ẹ ń gbọ́ ọmọ yín ketekete, ṣùgbọ́n òun kò gbọ́ yín. Ẹ má ṣe bínú sí i. Òpó nẹ́tíwọ̀kì ní agbára púpọ̀, ó lè ké dé ọ̀dọ̀ yín láti ọ̀nà jíjìn. Fóònù yín kéré, bátìrì kékeré ló wà nínú rẹ̀, igbe tirẹ̀ ni kò lè dé ọ̀dọ̀ òpó dáadáa. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jáde kúrò lábẹ́ páànù, nítorí irin máa ń dí ọ̀nà fún un, kí ẹ sì lọ sí ibi tó ga díẹ̀, tí igi àti ilé kò dí láàárín yín àti òpó náà. Kí ẹ má fi ọwọ́ bo fóònù pátápátá. Bí ẹ bá ní okùn etí, ẹ fi í sí i kí ẹ lè gbé fóònù sókè.

Àwọn ilà tí ẹ ń rí lókè fóònù kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà tán. Wọ́n ń sọ bí ẹ ṣe ń gbọ́ òpó tó, wọn kò sọ iye ènìyàn tó ń lò ó pẹ̀lú yín. Ilà mẹ́rin lè pé, kí ìpè ṣì máa gé, nítorí pé gbogbo abúlé ti dé láti oko ní agogo mẹ́jọ alẹ́, wọ́n sì ń wo fídíò. Bí ẹ bá tún pè ní agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, níbi kan náà, tí ohùn sì mọ́, ẹ ti rí ìdí rẹ̀. Ẹ tún wo lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà náà. 4G ló fẹ̀ jù nínú èyí tó wọ́pọ̀ lágbègbè wa, 3G tàbí H tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ E tàbí 2G, ẹ má wulẹ̀ tẹ fídíò. Ohùn nìkan pàápàá yóò ṣòro níbẹ̀.

Ẹ ó rí i pé ní ibi tí lẹ́tà E wà yìí gan-an, ìpè lásán, èyí tí kì í ṣe ti WhatsApp, lè mọ́ gaara. Ìdí rẹ̀ ni pé lórí 2G, àyè 8 ni a pín ìgbì afẹ́fẹ́ kọ̀ọ̀kan sí, ẹni tó bá sì ń ṣe ìpè lásán ni a ó fún ní àyè tirẹ̀, kò sí ẹlòmíràn tí yóò bá a pín in títí yóò fi parí. Détà kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀, àjọlò ni. Ní tèmi, bí ọmọ bá ń gbóná lóru tí ẹ fẹ́ pe nọ́ọ̀sì, tàbí bí ọ̀rọ̀ kan kò bá lè dúró, ẹ fi owó ìpè lásán pè. Ẹ tọ́jú owó díẹ̀ sórí fóònù fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ má yí gbogbo rẹ̀ padà sí détà.

IYE TÍ ÌPÈ Ń JẸ

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ NCC gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, ó sì lè tó 50 nínú 100. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń ráhùn pé détà oṣù kan kì í pé oṣù mọ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ti ìdílé kan.

Ìdílé yìí ní ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ń pè é lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, 20 ìṣẹ́jú nígbà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìpè 8 lóṣù. 1 GB ni détà tí wọ́n ń rà, èyí sì jẹ́ 1,024 MB. Ìpè ohùn nìkan, bí a bá ka ohùn tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ pọ̀, máa ń jẹ nǹkan bí ààbọ̀ MB ní ìṣẹ́jú kan. Fídíò tí àwòrán rẹ̀ mọ́ níwọ̀nba lè jẹ nǹkan bí 7 MB ní ìṣẹ́jú kan náà. Iye yìí kì í dúró sójú kan, nítorí WhatsApp fúnra rẹ̀ máa ń dín àwòrán kù bí ọ̀nà bá há, ṣùgbọ́n ó tó láti fi ṣírò.

Bí gbogbo ìpè bá jẹ́ fídíò, 20 ìṣẹ́jú á jẹ 140 MB, ìpè 8 á sì jẹ 1,120 MB. Détà ti tán kí oṣù tó parí, ìpè ìkẹjọ kò ní parí. Bó bá jẹ́ ohùn nìkan, ìpè kan á jẹ 10 MB, mẹ́jọ á jẹ 80 MB. Ìyàtọ̀ náà pọ̀ jọjọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìyá àgbà fẹ́ rí ojú ọmọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó yẹ kó fi ìyẹn dù ú. Ọ̀nà kan wà láàárín méjèèjì: kí wọ́n fi fídíò kí ara wọn fún 2 ìṣẹ́jú, kí wọ́n rí ara wọn, kí wọ́n sì pa kámẹ́rà, kí wọ́n máa fi ohùn bá ọ̀rọ̀ lọ fún 18 ìṣẹ́jú tó kù. Èyí á jẹ 14 MB àti 9 MB, ìyẹn 23 MB. Ìpè 8 á jẹ́ 184 MB, détà tó kù á sì ju 800 MB lọ.

Ohun kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Bí ẹ bá tẹ àwòrán kámẹ́rà láti pa á láàárín ìpè, àwòrán tiyín nìkan ni ẹ pa. Ti ẹnì kejì ṣì ń bọ̀, ó sì ń jẹ détà yín. Ẹ sọ fún un pé kó pa tirẹ̀ náà. Ẹ̀yin tí ọ̀nà yín há yóò tún rí èrè kejì: bí àwòrán bá ti kúrò lójú ọ̀nà, ohùn á rí àyè kọjá. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé ìpè tó fẹ́ já, tó ti ń kọ "Reconnecting" lójú fóònù, máa ń padà bọ̀ sípò nígbà tí àwọn méjèèjì bá pa kámẹ́rà.

ÀWỌN OHUN TÍ Ẹ LÈ TẸ̀ NÍNÚ WHATSAPP

Ẹ ṣí WhatsApp, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè ní apá ọ̀tún, ẹ tẹ "Settings", lẹ́yìn náà "Storage and data". Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí "Use less data for calls". Ẹ tẹ̀ ẹ́ kó tàn. Láti ìgbà náà, WhatsApp á máa fi détà tó kéré gbé ìpè. Ohùn lè má mọ́ tó ti tẹ́lẹ̀, àwòrán á sì ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ á yé yín. Ó dára kí ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀ lórí fóònù tirẹ̀. Kí ẹ má retí pé yóò sọ E di 4G. Ẹrù ló ń dín kù, kì í la ọ̀nà. Ìpè nìkan ló sì kàn. Kò ní í ṣe pẹ̀lú fídíò tí àwọn ènìyàn ń fi ránṣẹ́ sí yín.

Àwọn fídíò yìí gan-an ló ń jẹ détà àwọn ìdílé wa ju ìpè lọ. Ẹ wo ẹgbẹ́ ẹbí, ẹgbẹ́ ìjọ tàbí ti mọ́sálásí, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Bí a bá rí fídíò 5 lójúmọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 10 MB, 50 MB nìyẹn lójúmọ́, 1,500 MB lóṣù. Fóònù lè máa gbà wọ́n wọlé fúnra rẹ̀, bóyá ẹ wò wọ́n tàbí ẹ kò wò wọ́n. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé bí ọ̀kan bá ń wọlé nígbà tí ẹ ń pe ènìyàn, òun àti ohùn yín ni yóò jọ máa fún ara wọn lójú ọ̀nà tó há. Ẹ rò pé nẹ́tíwọ̀kì ló gé ọ̀rọ̀ yín, bẹ́ẹ̀ fídíò ọdún tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ ni.

Nínú "Storage and data" kan náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Media auto-download". Lábẹ́ rẹ̀ ni "When using mobile data" wà. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yọ àmì kúrò níwájú "Photos", "Audio", "Videos" àti "Documents", kí ẹ sì tẹ "OK". Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe sí "When roaming". Láti ìgbà náà, fídíò kò ní wọlé àfi bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ fúnra yín, ẹ ó sì rí iye MB rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ohùn tí ènìyàn gbà sílẹ̀ fún yín yóò ṣì máa wọlé fúnra rẹ̀, èyí sì dára, nítorí kò wúwo. Ìṣẹ́jú kan rẹ̀ kì í tó ààbọ̀ MB.

Ohun mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láìjẹ́ pé a mọ̀ ni Play Store, tó máa ń sọ àwọn ohun inú fóònù dọ̀tun. Ẹ ṣí i, ẹ tẹ àwòrán tó dúró fún yín lókè, kí ẹ tẹ "Settings", "Network preferences", àti "Auto-update apps", kí ẹ sì yan "Over Wi-Fi only". Ẹ fi í sí bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì máa ṣe é fúnra yín nígbà tí ẹ bá dé ìgboro tí ẹ rí Wi-Fi. Ẹ má fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìṣe é o, nítorí WhatsApp tó bá ti gbó jù máa ń kọ̀ láti ṣiṣẹ́.

IṢẸ́ FÚN ÌDÍLÉ KỌ̀Ọ̀KAN

A kò fẹ́ kí ẹ gba iye tí a kọ sókè yìí gbọ́ lásán. Fóònù yín lè ka tiyín fún yín. Ní ọjọ́ kan tí ẹ bá fẹ́ pe ọmọ yín, ẹ ṣí "Settings", "Storage and data", kí ẹ sì tẹ "Network usage". Ẹ fà á dé ìsàlẹ̀, kí ẹ tẹ "Reset statistics" kí gbogbo iye padà sí òdo. Ẹ ṣe ìpè ohùn fún 5 ìṣẹ́jú, kí ẹ sì padà wo ohun tí wọ́n kọ síwájú "Calls". Ẹ ó rí iye méjì: èyí tó jáde àti èyí tó wọlé. Ẹ rò wọ́n pọ̀, kí ẹ pín in sí 5, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe pẹ̀lú fídíò fún 5 ìṣẹ́jú ní ọjọ́ mìíràn, ní déédéé àkókò kan náà. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ tan "Use less data for calls", kí ẹ sì tún fídíò náà wọ̀n. Bí iye tó jáde bá kéré púpọ̀ sí èyí tó wọlé, ẹ rántí ohun tí a sọ nípa igbe fóònù tí kò dé ọ̀dọ̀ òpó.

Ẹ tún tẹ èyí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù, àti ní òwúrọ̀ gbogbo ọjọ́ ọjà lẹ́yìn rẹ̀, láti mọ iye détà tó kù:

```
*323#
```

Láti ọdún 2023 ni nọ́ńbà yìí ti di ọ̀kan náà fún gbogbo ilé-iṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà, kò sì sí ohun tí ẹ ó máa há sórí fún sáàmù kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ iye náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́. Bí ẹ bá rí i pé détà ń dín kù kíákíá ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ kò pe ẹnikẹ́ni, ẹ padà lọ wo "Media auto-download", ó ṣeé ṣe kí ọmọdé kan ti tún un tàn. Ẹ kó ìwé náà wá sí ọ́fíìsì wa ní ọjọ́ ìpàdé, kí a jọ wò ó, pàápàá àwọn tó ń gbé ní apá ibi tí òpó jìnnà sí. A fẹ́ mọ ibi tí fídíò ti lè ṣiṣẹ́ nínú ìletò yìí, ibi tí ohùn nìkan ti lè lọ, àti agogo tí ọ̀nà máa ń ṣí jù, kí a lè kọ ọ́ sí ara pátákó fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé.